Fíríìjì méjì láti ilé kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ọjọ́ Ajé, òwúrọ̀

Nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo ni wọ́n gbé fíríìjì méjì dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Ajílósùn, Adó-Èkìtì, lónìí. Ìyá kan tí ó ń ta omi tútù, sóbò àti ẹja dídì ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni ó ni méjèèjì. Àkọ́kọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ tipẹ́: bí ó bá ti gbéra, ìwọ̀n eré kan náà ni yóò máa sá títí tẹmosítáàtì yóò fi pa á. Oníyára-kan ni n ó máa pè é nínú àkọsílẹ̀ yìí. Èkejì kò tíì pé ọdún méjì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ni ó rà á fún un, wọ́n sì ti kọ ọ́ gàdàgbà sí ara ilẹ̀kùn rẹ̀ pé ínfátà ni.

Ọ̀rọ̀ ínfátà yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn oníbàárà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí pé ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn ni ínfátà onílé, èyí tí a ń so mọ́ bátìrì àti sólà. Màmá gan-an rò pé fíríìjì náà yóò máa ṣiṣẹ́ lọ bí wọ́n bá mú iná lọ. Kò sí bátìrì kankan nínú rẹ̀. Ara bọ́ọ̀dù kékeré kan tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ni orúkọ náà ti wá. Bọ́ọ̀dù yìí ń gba iná ògiri, ó ń sọ ọ́ di iná tààrà bíi ti bátìrì, lẹ́yìn náà ni ó tún ń gé iná tààrà yẹn sí wẹ́wẹ́ láti fi bọ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ní ìwọ̀n tí ó bá wù ú. Nítorí náà, ó lè mú kí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rọra máa yí bí nǹkan inú fíríìjì bá ti tutù, ó sì lè mú kí ó sáré bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó omi gbígbóná sínú rẹ̀.

Bí Màmá ṣe ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni ó jẹ́ kí n pinnu láti kọ iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ó ní iná àdúgbò àwọn falẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, débi pé gílóòbù kàn ń pọ́n bí ẹ̀yinná ni. Ní àárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni fíríìjì àtijọ́ dákẹ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n tuntun ń bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Wọ́n yọ àtijọ́ kúrò lára iná, wọ́n sì kó gbogbo ọjà sínú tuntun. Nígbà tí ó di òru ọjọ́ kan, iná mọ́ lójijì kọjá bí ó ti yẹ, gílóòbù méjì bẹ́, tẹlifísàn kú, fíríìjì tuntun náà sì kú. Màmá ti dájọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

“Ẹnjiníà, ọmọ mi, ṣé o rí fíríìjì tí kì í sinmi yẹn? Tọ̀sán-tòru ni ó ń kùn. Mo ti mọ̀ pé kò lè pẹ́.”

Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú u wò ná, mà.”

Ọjọ́ Ajé, ọ̀sán: èyí àtijọ́

Mo kì í bọ iná nínú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí mítà ti ka 224 fọ́ltì. Ó kùn ùnnn fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà, nǹkan kan dún kẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì dákẹ́. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú méjì ó tún kùn, ó tún dún kẹ́. Ohùn méjì yìí ni àìsàn oníyára-kan fi ń dárúkọ ara rẹ̀: ùnnn ni mótò tí ó ti gba iná ṣùgbọ́n tí kò lè gbéra, kẹ́ sì ni ofalódù tí ó gbóná tí ó sì gé iná kúrò kí kọ́ìlì má baà jóná.

Mo yọ rílè àti ofalódù kúrò lára ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ó wà lára kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Ẹsẹ̀ C ni ti àjùmọ̀lò, R ni ti kọ́ìlì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, S sì ni ti kọ́ìlì tí ó ń ràn án lọ́wọ́ láti gbéra. Láàárín C àti R mo rí 14.2 óòmù, láàárín C àti S mo rí 21.8, láàárín R àti S sì jẹ́ 36. Àkọ́kọ́ àti èkejì papọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀kẹta, bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Láti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ara irin kọ̀mpúrẹ́sọ̀, mítà kò ka ohunkóhun, èyí tí ó fi hàn pé iná kò jò sí ara. Kọ́ìlì ṣì wà láàyè. Nígbà tí mo mi rílè létí mi, ó dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo ṣí i, mo sì rí wóró dúdú inú rẹ̀ tí ó ti fọ́ sí mẹ́ta.

Wóró yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ó bá tutù, ó ń jẹ́ kí iná kọjá lọ sí kọ́ìlì ìgbéra. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì ó ti gbóná, ó sì dí iná lọ́nà, nítorí kọ́ìlì ìgbéra kò gbọ́dọ̀ máa gba iná títí. Bí wóró bá fọ́, kọ́ìlì ìgbéra kò rí iná rárá, mótò yóò sì máa kùn lásán kódà bí iná bá pé.

Kí ló fọ́ ọ? Ọmọ ilé Màmá ti ya àwòrán ojú sitabiláísà tẹlifísàn wọn ní ọ̀sẹ̀ tí iná falẹ̀: 158 fọ́ltì ni ó wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí iná bá dín kù díẹ̀, agbára mótò náà yóò dín kù díẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi 220 pín 158, a ó rí 0.72, ṣùgbọ́n agbára tí irú mótò yìí fi ń gbéra ń tẹ̀lé 0.72 tí a sọ di ìlọ́po ara rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ 0.52. Ìdajì péré ni ó kù, bẹ́ẹ̀ gáàsì tí ó gbọ́dọ̀ tì kò dín kù. Mótò tí kò bá sì lè yí kì í jẹ iná díẹ̀. Irú tí ó ń jẹ ámpíà kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ń sáré yóò máa jẹ ámpíà méje tàbí mẹ́jọ nígbà tí ó bá dúró sójú kan, ooru ni gbogbo rẹ̀ yóò sì dà. Gbígbóná-tutù-gbígbóná báyìí, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ni ó la wóró náà. Ọlọ́run ni ó kó kọ́ìlì yọ.

Mo fi rílè àti ofalódù tuntun tí ó bá iwọ̀n kọ̀mpúrẹ́sọ̀ náà mu síbẹ̀, mo dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ìfúnpá gáàsì ní ìhà méjèèjì tó dọ́gba, mo sì tan án. Gílóòbù ṣọ́ọ̀bù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Mítà tí mo fi gbá wáyà mú fò dé ámpíà mẹ́sàn-án, ó sì bọ́ sí 0.95. Mítà oní-sọ́kẹ́ẹ̀tì ka 118 wáàtì. Iṣẹ́ àtijọ́ parí kí a tó jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ínfátà

Ọmọ iṣẹ́ mi mọ oníyára-kan dunjú, ìmọ̀ yẹn ni ó sì fẹ́ fi ba iṣẹ́ jẹ́ láàárọ̀ yìí. Ó ti yọ bọ́ọ̀dù kúrò, ó ti mú wáyà méjì láti ògiri, ó fẹ́ fi wọ́n kan ẹsẹ̀ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo kígbe mọ́ ọn. Lára oníyára-kan, bí a bá mọ bí a ṣe ń ṣe é, a lè gbé iná lé e tààrà láti dán an wò. Lára ínfátà, a kò gbọ́dọ̀ ṣe é láé. Mágínẹ́ẹ̀tì ni ó wà lára irin tí ń yí nínú rẹ̀, kọ́ìlì mẹ́ta ọgbọọgba sì ni ó yí i ká, tí bọ́ọ̀dù ń bọ́ ní méjì-méjì tẹ̀léra-tẹ̀léra. Kọ́ìlì tí kò gba iná lọ́wọ́ ni bọ́ọ̀dù fi ń mọ ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì dé, tí yóò fi mọ èyí tí ó kàn láti bọ́. Iná ògiri kò mọ ìyẹn. Bí a bá gbé 220 lé e, kò ní yí; yóò kàn gbóná kíákíá ni, iná tí ó pọ̀ jù yẹn sì lè sọ mágínẹ́ẹ̀tì di aláìlágbára, tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí kò ní àrùn tẹ́lẹ̀ yóò fi di èyí tí a óò sọ nù.

Ohun kejì tí mo kọ́ ọ ni pé yíyọ ọ́ kúrò lára ògiri kò tíì sọ bọ́ọ̀dù yìí di ohun tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn. Kapásítọ̀ ńlá tí ó wà lórí rẹ̀ ń tọ́jú iná tààrà tí ó lé ní 300 fọ́ltì. Bọ́ọ̀dù tí fíúsì rẹ̀ ti já ṣì lè ní iná yẹn nínú. Mo fi mítà wò ó kọ́kọ́, mo fi ẹsẹ̀ gílóòbù kan fa èyí tí ó kù jáde, mo sì tún fi mítà wò ó kí ọwọ́ mi tó kan ohunkóhun.

Àyẹ̀wò kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rọrùn. Ẹsẹ̀ mẹ́ta náà ni ó ní, ṣùgbọ́n U, V àti W ni wọ́n ń jẹ́, kò sí ti ìgbéra, kò sì sí ti àjùmọ̀lò. Láàárín U àti V mo rí 11.6 óòmù, láàárín V àti W 11.6, láàárín W àti U 11.7. Ibi tí a ti ń wá àròpọ̀ lára oníyára-kan, ìdọ́gba ni a ń wá níhìn-ín. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀ gedegbe sí méjì tó kù, kọ́ìlì ti ní àléébù. Iná kò jò sí ara irin. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí Màmá ti dá lẹ́jọ́ ikú kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Orí bọ́ọ̀dù ni òkú wà. Fíúsì ti dúdú nínú gíláàsì rẹ̀. Fárísítọ̀, ìyẹn ìdérí pẹlẹbẹ aláwọ̀ búlúù tí wọ́n tẹ 14D471 sí lára, ti bẹ́ sí méjì. Dáyóòdù kan nínú mẹ́rin tí ó ń sọ iná di tààrà ti di wáyà lásán, kapásítọ̀ sì ti wú lórí bí àkàrà. Mo wá yẹ ṣíìpù agbára wò, èyí tí súwíìṣì mẹ́fà wà nínú rẹ̀ tí ó ń gé iná sí kọ́ìlì mẹ́ta. Mo gbé mítà sí ibi ìdánwò dáyóòdù, mo sì wọn ọ̀nà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti ìhà rere àti ìhà òdì iná tààrà sí U, V àti W. Gbogbo wọn wà ní ìtòsí 0.45. Inú mi dùn gan-an, nítorí bí ṣíìpù yẹn bá kú, bọ́ọ̀dù odindi ni à bá máa wá, a kì í sì í rí èyí tí ó bá nọ́ńbà kọ̀mpúrẹ́sọ̀ mu ní Adó wẹ́rẹ́. Èkó ni a ti ń ránṣẹ́ sí.

Kí ni iná òru yẹn ṣe gan-an? Féèsì mẹ́ta àti wáyà nútírà kan ni ó ń jáde láti tiransifọ́mà àdúgbò. Láàárín féèsì kan àti nútírà, iná tí ó yẹ ilé kan ni ó wà. Láàárín féèsì kan àti èkejì, iná náà lé ní 380 fọ́ltì. Bí nútírà bá já tàbí tí ó bá tú níbì kan, àwọn ilé tí ó wà lórí féèsì méjì yóò di ẹni tí ó ń pín iná yẹn láàárín ara wọn, ilé tí nǹkan díẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni yóò sì gba èyí tí ó pọ̀ jù. Láàárín òru, tí ó jẹ́ pé fíríìjì kan, tẹlifísàn àti gílóòbù méjì nìkan ni ó ń jẹ iná ní ilé Màmá, ilé wọn ni ó fara gbá a. Fárísítọ̀ tí mo dárúkọ kò lè fara da ju 300 fọ́ltì iná ògiri lọ fún ìgbà pípẹ́. Iná tààrà tí bọ́ọ̀dù ń ṣe sì máa ń tó iná ògiri lọ́nà 1.41: bí 350 bá wọlé, 495 ni yóò dé orí kapásítọ̀ tí wọ́n ṣe fún 450. Fárísítọ̀ fi ara rẹ̀ rúbọ, ó fa iná púpọ̀ títí fíúsì fi já, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ ṣíìpù.

Níhìn-ín ni mo ti rí ohun tí ilé kan ṣoṣo yìí fi hàn mí kedere ju bí mo ti rí i rí lọ. Iná tí ó falẹ̀ ni ó pa oníyára-kan, nítorí agbára ìgbéra rẹ̀ wà lọ́wọ́ iná tí ó bá ti ògiri wá. Iná kan náà yẹn kò ṣe ínfátà ní nǹkan kan, nítorí bọ́ọ̀dù ni ó ń pinnu ohun tí kọ́ìlì yóò gbà, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sì le: díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gbéra. Ṣùgbọ́n iná tí ó pọ̀ jù ni ikú bọ́ọ̀dù, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ sì ti tó. Oníyára-kan, tí ó jẹ́ irin àti bàbà lásán, lè fara da irú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ofalódù a sì gbà á sílẹ̀.

Mo pààrọ̀ fíúsì, fárísítọ̀, dáyóòdù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti kapásítọ̀. N kò gbé iná lé e tààrà. Mo fi gílóòbù 100 wáàtì onírin tín-ín-rín sí ojú ọ̀nà iná rẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé bí nǹkan kan bá ṣì so pọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, gílóòbù ni yóò tàn, fíúsì mi kò sì ní já. Ó mọ́lẹ̀ yẹ̀rì, ó sì rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi kú, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kapásítọ̀ ti kún, kò sì sí ibi tí iná ń sá gbà. Mo yọ gílóòbù kúrò. Iná ògiri jẹ́ 221, iná tààrà jẹ́ 312. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kò dún. Ọmọ iṣẹ́ mi wò mí lójú, èmi náà ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ọ̀pọ̀ nínú fíríìjì wọ̀nyí máa ń dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ìkánjú níbẹ̀ sì ti jẹ́ kí àwọn kan pààrọ̀ bọ́ọ̀dù tí kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí ó pé bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, mo gbọ́ ohùn kan bíi ti oyin tí ó wà lọ́nà jíjìn. Gílóòbù ṣọ́ọ̀bù kò ṣẹ́jú rárá. 28 wáàtì ni mítà kọ́kọ́ kà, ó sì ń gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ó fi dé 96.

Ẹnìkan ní Ìkẹ́rẹ́ ti gba Màmá nímọ̀ràn pé kí wọ́n ju gbogbo ínfátà náà nù, kí wọ́n fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ oníyára-kan àti tẹmosítáàtì sí i. Mo ti rí fíríìjì tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí, òmíràn a sì tutù. Ṣùgbọ́n gáàsì tí wọ́n kọ sí ara èyí ni R600a, tí ó ń gbaná bíi gáàsì ìdáná, tí kò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé iná ìjópáìpù sún mọ́ ọn láìtíì tú gáàsì náà síta gbangba lè jó ara rẹ̀. Páìpù tín-ín-rín inú rẹ̀ pẹ̀lú, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àti gáàsì tirẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Bí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àti ṣíìpù bá ti wà láàyè, n kò rí ìdí kan tí a ó fi ṣe ìyẹn.

Ọjọ́rú sí Ọjọ́ Ẹtì: yúnítì tí wọ́n ń jẹ

Fíríìjì méjì tí ìtóbi wọn súnmọ́ ara wọn kì í sábà wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi pa pọ̀, nítorí náà mo bẹ Màmá kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ títí di òpin ọ̀sẹ̀. Mo ní sólà àti bátìrì tí ó lè gbé méjèèjì fún ọjọ́ kan. Mo kó omi inú ọ̀rá ogún-ogún sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi mítà kọ̀ọ̀kan sí ìdí wọn.

Ní wákàtí 24 tí iná kò lọ rárá, oníyára-kan jẹ yúnítì 1.50. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ìdajì àkókò náà ó lé díẹ̀, ó sì ń sinmi fún èyí tí ó kù. Ínfátà jẹ 0.82, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró rárá: nígbà tí omi ti tutù, ó kàn ń rọra yí ní bí 30 wáàtì. Ohun tí ó ń jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ni pé, bí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá ń rọra yí, páìpù ẹ̀yìn fíríìjì ń ráyè tú ooru dànù, kì í gbóná púpọ̀, ìfúnpá tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ń bá wọ̀yá ìjà kì í sì í ga. Oníyára-kan ní tirẹ̀ ń tì í tipátipá ní bí ìyípo 2,900 láàárín ìṣẹ́jú kan, yóò dúró, gáàsì gbígbóná yóò sì padà sínú àpótí yìnyín nígbà tí ó bá dúró, lẹ́yìn náà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó ooru yẹn jáde.

Ṣùgbọ́n wákàtí 24 kì í ṣe ìgbé ayé Ìkẹ́rẹ́. Ní aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ mo pa méjèèjì, mo sì tan wọ́n ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ péré. Oníyára-kan jẹ 0.86. Ínfátà jẹ 0.67. Ìdínkù tí ó jẹ́ bí 45 nínú 100 lánàá ti di bí 22 nínú 100, ìdí rẹ̀ kò sì farasin: omi ti gbóná padà ní òru, ínfátà sì ní láti sáré ní gbogbo agbára rẹ̀ fún bí wákàtí márùn-ún kí ó tó rí ààyè rọra yí. Ibi tí ó ti ń rí èrè ni ìgbà tí ohun gbogbo ti tutù, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n sì máa ń mú iná lọ. N kò fi èyí ṣe òfin fún gbogbo fíríìjì, nítorí rọ́bà ilẹ̀kùn ti àtijọ́ ti gbó ní igun kan, ìyẹn sì fi kún yúnítì tirẹ̀ ní ọjọ́ méjèèjì.

Èrè kan wà tí kò hàn lórí yúnítì. Mo so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré 950 wáàtì, irú èyí tí a fi ń yangàn fún aládùúgbò. Nígbà tí àtijọ́ fẹ́ gbéra, jẹnẹrétọ̀ kérora, iná rẹ̀ ṣubú, ofalódù sì dún kẹ́. Ámpíà mẹ́sàn-án ní 220 fọ́ltì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pẹ́. Ínfátà gbéra lára jẹnẹrétọ̀ kan náà láìjẹ́ pé ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yí padà. Fún ẹni tí ó ń tajà pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kékeré tàbí sólà tí kò tóbi, èyí ni mo rò pé ó tóbi ju yúnítì lọ.

Ohùn wọn

Mo sùn sí ṣọ́ọ̀bù ní òru Ọjọ́rú, n kò sì tíjú láti sọ pé nítorí ohùn ni. Àtijọ́ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kùm, ó ń kùn ní ohùn kan ṣoṣo tí ó le, ó sì ń gbọ̀n gbì nígbà tí ó bá dúró, débi pé ìgò orí rẹ̀ ń dún. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà tí ó fi ń sinmi, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ pé. Ínfátà kò le rárá, mo ní láti súnmọ́ ọn kí n tó gbọ́ ọ nígbà tí ó ń rọra yí, ṣùgbọ́n kì í dákẹ́, ohùn rẹ̀ sì ń yí padà: kíkùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lóru, àti ohùn tín-ín-rín bíi ti ẹ̀fọn nígbà tí ó bá ń sáré. Nítorí náà, òótọ́ ni Màmá sọ pé kì í sinmi. Ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni pé àìsinmi yẹn ni àìsàn. Gbígbéra àti dídúró ni ó ń jẹ́ ohun tí ó le jù fún kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ínfátà sì ń yẹra fún un.

Ní bí aago mẹ́ta òru, ariwo gíríń-gíríń kan ti ara tuntun jáde, ó wà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì pòórá. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní aago márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ oníyára-kan ni, irú ariwo bẹ́ẹ̀ ì bá máa dún ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, ènìyàn a sì rí i kíákíá. Níhìn-ín, ìwọ̀n eré kan ṣoṣo ni ó bá páìpù kan mu, tí páìpù náà fi ń gbọ̀n; bí eré bá yí padà díẹ̀, ó dákẹ́. Mo jókòó tì í pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo ń fi ìka kan páìpù kọ̀ọ̀kan títí ariwo fi padà dé, mo sì rí èyí tí ó ń kan irin ìsàlẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ kúrò díẹ̀, mo sì fi rọ́bà sí àárín wọn. Ẹni tí kò bá ní sùúrù fún irú ariwo alábẹ̀wò yìí yóò di ẹ̀bi ru kọ̀mpúrẹ́sọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: dídá wọn padà

Mo bá wọn dé Ìkẹ́rẹ́ láti so wọ́n fúnra mi. Ohun ìdáàbòbò kan náà kọ́ ni mo fi sí ìdí méjèèjì. Àtijọ́ gba sitabiláísà tí ó lè gbé iná tí ó falẹ̀ sókè, tí ó sì ń dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó fún un ní iná lẹ́yìn tí iná bá ṣẹ́. Tuntun kò nílò ẹni tí yóò gbé iná sókè fún un, nítorí náà ẹ̀rọ kékeré tí ń gé iná tí ó pọ̀ jù ni mo fi sí i, mo sì yí i sí 255 fọ́ltì. Màmá bèèrè ìdí tí tuntun fi gba èyí tí owó rẹ̀ kéré. Mo fi fárísítọ̀ tí ó bẹ́ hàn wọ́n, mo sì sọ fún wọn pé ohun tí kò ju àtẹ́lẹ̀ ìka lọ yìí ni ó kú ikú fíríìjì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Ọmọ ilé Màmá pè mí pé fíríìjì tuntun kú ní alẹ́, ó sì tún jí fúnra rẹ̀. Mo ní kí ó ka ojú ẹ̀rọ tí ń gé iná fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti gé, èyí tí ó ga jù nínú méjèèjì sì jẹ́ 271. Ní alẹ́ kan náà, sitabiláísà ti àtijọ́ ń dún tá-tá-tá, ṣùgbọ́n kò kú. Mo ní kí wọ́n pe àwọn tí ń bójú tó tiransifọ́mà láti wá wo wáyà nútírà, kí wọ́n má sì kan fíríìjì kankan.